Ata wa ń ta, ata wa ń tà

Dírẹ́bà Máíkírà ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé jíńgù mi ti bàjẹ́. Mo wọ mọ́tò ẹ̀ láti Bódìjà, mò ń lọ sí Mọ́kọ́lá, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n fi fóònù mi sórí sípíkà ẹ̀, ọgbọ̀n sẹ́kọ́ńdì péré ni. Ó gbà. Orin náà kọ, ó parí, ọkùnrin yìí wo mi nínú dígí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀já ọmọ ni wọ́n ń tà ni àbí kí ni?"

Ọ̀já kẹ̀. Aláta ni mo ṣe jíńgù fún o. Ata rodo, tàtàṣé, tòmátì. Ibi tí ọ̀já ti wọ̀ ọ́ ni mo fẹ́ sọ lónìí, torí mo ti ń kọ ìpolówó rédíò fún bí ọdún mélòó kan, mo sì rò pé mo ti mọ gbogbo ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀, àṣé mi ò tíì mọ̀ ọ́n.

Màmá tó gbéṣẹ́ yìí fún mi kì í ṣe ẹni tó ń to tòmátì mẹ́rin mẹ́rin sórí tábìlì. Apẹ̀rẹ̀ apẹ̀rẹ̀ ló ń tà, àpò àpò ló sì ń ta rodo àti tàtàṣé, àwọn alásè òde àtàwọn tó ń ta oúnjẹ ni kọ́sítọ́mà ẹ̀ jù lọ. Ìyá Ìbejì ni gbogbo ọjà ń pè é. Ìṣòro àkọ́kọ́ nìyẹn, torí tẹ́ ẹ bá dúró láàárín àwọn aláta ní Bódìjà tẹ́ ẹ pariwo "Ìyá Ìbejì!", ẹni tó máa dáhùn á pọ̀, tí àwọn mìíràn ò tiẹ̀ bí ìbejì rí. Torí náà a wá àmì kún un. Agboòrùn ńlá kan wà lórí ìsọ̀ ẹ̀, pupa ni, wọ́n máa ń rí i láti ibi tí wọ́n ti ń lọ ata. Bó ṣe di Ìyá Ìbejì alágboòrùn pupa nìyẹn. Ẹni tó bá gbọ́ jíńgù nínú mọ́tò ò ní kọ nọ́ńbà fóònù sílẹ̀, ṣùgbọ́n agboòrùn pupa, bó bá dénú ọjà á rántí.

Orin wá kù. Ọmọkùnrin kan tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì ni mo gbé ọ̀rọ̀ náà fún. Ó mọṣẹ́ o, mi ò purọ́ mọ́ ọn, ó tẹ ohùn kan tó dùn gan-an, irú èyí tó máa ń gòkè níparí tí ara èèyàn á wá yá gágá. Lẹ́yìn náà ló wá kó ọ̀rọ̀ mi sórí ohùn yẹn bí ẹni ń kó ẹrù sínú búùtù, èyí tí ò bá wọlé á fẹsẹ̀ tì í. "Ẹ bá wa lọ sí ọjà." Níbi tí orin ti ń gòkè ni "ọjà" bọ́ sí. Ẹ sọ "ọjà" lẹ́nu yín wò, ohùn yín á sọ̀kalẹ̀, re dò ni. Ọmọ yìí kọ ọ́ dò mí, ohùn sì gòkè, ọjà bá di ọ̀já. Dírẹ́bà yẹn ò ṣàwàdà, ohun tó gbọ́ ló sọ.

Ẹni tó dàgbà sínú ṣọ́ọ̀ṣì nílẹ̀ Yorùbá á mọ nǹkan tí mò ń sọ. Àwọn orin ìgbà àtijọ́ tí wọ́n túmọ̀ láti inú ìwé orin òyìnbó, ohùn òyìnbó náà ni wọ́n fi kọ wọ́n, a sì ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ń dojú rú lẹ́nu wa, kò sì yọ wá lẹ́nu, torí a ti mọ ọ̀rọ̀ náà sórí, ìwé sì wà lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń di ìwé orin mú níbi tó ti ń gbọ́ jíńgù. Ẹ̀ẹ̀kan ló máa gbọ́ ọ kọjá, ó ń wa mọ́tò tàbí ó ń gbá ilé lọ́wọ́, bí ohùn bá ti ṣì í lọ́nà, ó ti lọ nìyẹn.

Mo padà sílé, mo tún gbọ́ ọ, mo ń wá ibòmíì tó ti bàjẹ́. Mo rí ọ̀kan tó pa mí lẹ́rìn-ín. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé pé "Ata wa ń ta bí iná." Ìyẹn ni pé ó ń ta lẹ́nu, ẹ jẹ ẹ́, ẹ ó mumi. Ọmọ yìí já "ta" yẹn sílẹ̀ pátápátá nínú orin, ó wá di "Ata wa ń tà bí iná." Ìtajà! Pé ọjà ń yá! Mo ti fẹ́ fi kún àwọn àṣìṣe tí mo máa ní kó tún ṣe, ni mo bá rántí pé nígbà tí mo gbé e fún Màmá gbọ́ lórí Wọ́sáàpù, ibi yẹn gan-an ló fi fèsì. Ó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni o, ó ń tà, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó dúró." Ohun tí èmi kọ fún àwọn tó ń rajà, òun gbọ́ ti ẹni tó ń tajà. Méjèèjì ló jẹ́ òótọ́, ó sì ku ohùn kan ṣoṣo láàárín wọn.

Mo bá da gbogbo orin àkọ́kọ́ nù. Mo jókòó pẹ̀lú ọmọ yìí, mo ní kó má fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù ná. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ la ṣe ṣe é, dò fún ohùn ìsàlẹ̀, re fún ti àárín, mí fún tòkè. Ata wa ń ta: re re re mí re. Ata wa ń tà: re re re mí dò. Ẹ wò ó bí, orin ti wà nílẹ̀ látọjọ́ yìí! Lílé á sọ tàkọ́kọ́, ègbè á gbè é pẹ̀lú ìkejì, gbogbo ẹ̀ dọ́gba àfi ibi tí ó parí sí, ibẹ̀ yẹn náà sì ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì á rẹ́rìn-ín, ẹni tó bá rẹ́rìn-ín á sọ ọ́ fún ẹlòmíì.

Àwọn orúkọ ata náà ní orin tiwọn. Ata rodo, re re re re, gbọọrọ ló lọ, bí ẹni ń lu ìlù kan náà. Tàtàṣé jókòó sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó fò sókè, dò dò mí. Tòmátì fò ó sì padà wálẹ̀, dò mí dò. Àlùbọ́sà fẹ́ jọ tòmátì ṣùgbọ́n ó ní ẹsẹ̀ kan níwájú, dò dò mí dò. Nítorí náà tí ẹ bá to tàtàṣé ṣáájú tòmátì, kí àlùbọ́sà wá tẹ̀ lé e, ohùn á máa lọ sókè sódò bí ẹni ń jó. A gbìyànjú kí rodo wà láàárín wọn, kò dùn, ó kàn dúró síbẹ̀ bí òpó iná, la bá gbé òun lọ síwájú níbi tí ó ti lè dá dúró.

Kì í ṣe pé orin gbọ́dọ̀ jẹ́ dò re mí péré o. Ọmọ yẹn lè gbé mí lọ sí sọ́, ó lè gbé dò lọ sísàlẹ̀ pátápátá, kò burú. Èyí tó ṣe pàtàkì ni pé níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti gòkè kí orin má sọ̀kalẹ̀. Ibi tó tún ti fẹ́ bàjẹ́ ni àwọn tó ń gbè é. Àwọn ọmọbìnrin méjì wá, akọrin ni wọ́n, wọ́n fẹ́ ṣe é bíi ti kọ́yà, ọ̀kan ń gòkè, èkejì ń sọ̀kalẹ̀. Ohùn dùn, ṣùgbọ́n ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ ń sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Mo ní kí àwọn méjèèjì máa rìn pọ̀, bí èyí bá gòkè kí ìyẹn náà gòkè, kí àlàfo àárín wọn má yí padà. Wọ́n ní ó ti tẹ́jú jù. Mo ní ẹ jẹ́ kó tẹ́jú, ata la ń tà.

Màmá náà ní ohun tó fẹ́ kó wà nínú ẹ̀. Ó fẹ́ "ẹ̀mí tí kò jata, ẹ̀mí yẹpẹrẹ ni." Ọ̀rọ̀ àgbà ni, mo fẹ́ràn ẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo aláta Nàìjíríà ló ni í, ẹni tó bá gbọ́ ọ lè dìde lọ ra ata lọ́wọ́ ẹni tó sún mọ́ ilé ẹ̀. Ó tún fẹ́ ká sọ pé tiẹ̀ ló dáa jù ní gbogbo Ìbàdàn, àti pé rodo ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo bẹ̀ ẹ́. Lábẹ́ òfin ARCON, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ìpolówó ní Nàìjíríà, àyẹ̀wò wà fún ìpolówó kó tó jáde, bẹ́ ẹ bá sì sọ pé ẹ dáa jù, wọ́n á ní kẹ́ ẹ mú ẹ̀rí wá. Ẹ̀rí wo la fẹ́ mú wá? Ti ẹ̀jẹ̀ ríru ni mi ò tiẹ̀ fẹ́ gbọ́ lẹ́ẹ̀kejì, torí ẹnìkan lè gbà á gbọ́ kó pa oògùn ẹ̀ tì.

Mo wá bi í pé kí ló mú káwọn alásè máa padà wá bá a. Kò dá mi lóhùn. Ó na ọwọ́ sí apẹ̀rẹ̀ kan, ó ní kí ọmọ ẹ̀ dojú ẹ̀ dé sórí táápólì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ra tòmátì lápẹ̀rẹ̀ ti mọ̀. Òkè Ọya ni ọ̀pọ̀ ẹ̀ ti ń wá, Kano, Kaduna, Jos, ọ̀nà jìn, wọ́n á to apẹ̀rẹ̀ léra wọn nínú tírélà, èyí tó wà nísàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ á gbé ẹrù gbogbo àwọn tó wà lórí. Lójú, pupa pupa tó ń dán lẹ ó rí. Nísàlẹ̀, ó ti fọ́, ó ń somi. Ti Màmá náà rí bẹ́ẹ̀ bó ṣe dé láti ọ̀nà, kò fi pa mọ́ fún mi. Ohun tó ń ṣe ni pé á tú u sílẹ̀, á ṣà á, èyí tó ti fọ́ á lọ lówó pọ́ọ́kú fún ẹni tó máa lọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà, èyí tó le ló máa padà sínú apẹ̀rẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ wọ́n díẹ̀ ju ti àwọn yòókù, alásè sì mọ̀ pé ohun tóun rí lókè lòun máa rí nísàlẹ̀.

Ìpolówó ti dé nìyẹn. Torí kí ni aláta máa ń pariwo jù lọ sí kọ́sítọ́mà? "Ẹ má tẹ tòmátì mi o!" Gbogbo wa ni wọ́n ti pariwo ẹ̀ mọ́ rí. Ẹni tó bá gbọ́ aláta lórí rédíò tó ń sọ pé kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, á yíjú padà.

Ni mo bá ní kí Màmá fúnra ẹ̀ sọ ọ́, mi ò fẹ́ irú eré yẹn tí ìyàwó ilé méjì á máa bira wọn pé kí ló dé tí ọbẹ̀ ẹ fi dùn báyìí, tí èkejì á wá dáhùn bí ìwé. Ṣùgbọ́n bí Màmá ṣe dé iwájú máìkì, ó gbọn aṣọ ẹ̀, ó fa ọrùn gùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka ìròyìn aago méje. "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin olùgbọ́ wa." Ẹ̀ẹ̀mẹfà la gbà á, ẹ̀ẹ̀mẹfà ló ń kí olùgbọ́. Mo jáde, mo ra tòmátì díẹ̀ níta, mo gbé e wọlé fún ọmọbìnrin tó fẹ́ bá a sọ ọ́, mo ní, àǹtí, ẹ gbàgbé ìwé yẹn, ẹ bá Màmá nájà. Bí ọmọ yẹn ṣe na ọwọ́ sí tòmátì báyìí tó ní ó jọ pé ó lómi, ojú Màmá yí padà. Èyí la lò:

(Orin, sẹ́kọ́ńdì méjìlá)
Lílé: Ata wa ń ta!
Ègbè: Ata wa ń tà!
Lílé: Rodo ń ta!
Ègbè: Rodo ń tà!
Gbogbo wọn: Tàtàṣé, tòmátì, àlùbọ́sà!

(Ọ̀rọ̀, sẹ́kọ́ńdì mẹ́tàlá)
Oníbàárà: Màmá, tòmátì yín yìí, ṣé ò lómi ṣá?
Ìyá Ìbejì: Tẹ̀ ẹ́ wò.
Oníbàárà: Kí n tẹ̀ ẹ́?
Ìyá Ìbejì: Mo ní kó o tẹ̀ ẹ́! Tẹ tìsàlẹ̀ náà.
Oníbàárà: Háà! Ó le o!
Ìyá Ìbejì: Ẹn-ẹ́n. Ṣé kí n fún ẹ ní rodo tọ́ wò?
Oníbàárà: Rárá o Màmá, mo ti ń gbóòórùn ẹ̀ láti ìta!

(Orin, sẹ́kọ́ńdì márùn-ún)
Gbogbo wọn: Ìyá Ìbejì alágboòrùn pupa, Bódìjà la wà!

Ẹ wò ó pé kò sí iye owó níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ní ká fi owó sí i, kí àwọn èèyàn lè mọ̀. Ọjà tó bá jẹ́ tòmátì, ẹ má dán an wò. Láti bí January sí April, tòmátì á kún ilẹ̀, tó bá di bíi May sí July, owó apẹ̀rẹ̀ á fò. Ẹ rántí 2016, nígbà tí kòkòrò jẹ oko tòmátì run l'Òkè Ọya tí ìjọba ìpínlẹ̀ Kaduna kéde ọ̀rọ̀ pàjáwìrì nítorí tòmátì lásán. Ká má tiẹ̀ lọ jìnnà, mọ́tò méjì lè dé láàárọ̀ kí owó àná di ìtàn. Ohun tẹ́ ẹ bá ti rẹ́kọ́dù ò lè yí padà, tẹ́ ẹ bá wá ní owó báyìí lórí rédíò tí èèyàn dé ọjà tó gbọ́ òmíì, olè lẹ dà lójú ẹ̀.

Nítorí ìyẹn, a pín in sí méjì. Orin àti ọ̀rọ̀ tí a gbà sílẹ̀ ò kan owó. Ìyókù, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan ló ń sọ ọ́ lẹ́nu nínú ètò tiẹ̀, ẹni tó ti ra àkókò lọ́wọ́ iléeṣẹ́ rédíò, ó sì rọ̀ wá lọ́rùn ju ká lọ bá iléeṣẹ́ náà fúnra wọn. Ìwé tí mo fún un ò ju ìlà mẹ́rin lọ, àyè òfìfo ló pọ̀ níbẹ̀:

"Lónìí Ọjọ́bọ̀, Ìyá Ìbejì alágboòrùn pupa ní kí n jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ẹrù ti já láti ______. Apẹ̀rẹ̀ tòmátì tí wọ́n ti ṣà, ______. Àpò rodo, ______. Ẹni tó ní ìnáwó ní Sátidé, kó má dúró de ọ̀la."

Màmá á pè é bí ẹrù bá ti já, á sọ ohun tó wà nílẹ̀ fún un, òun á wá fi ẹnu tiẹ̀ kún un. Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀ nìkan la ń san owó fún, torí alásè òde tó fẹ́ se oúnjẹ Sátidé ti gbọ́dọ̀ ra ata kí Jímọ̀ tó ṣú. Ìpolówó tó bá lọ lọ́jọ́ Sátidé, ọbẹ̀ ti wà lórí iná kó tó jáde.

Ohun kan tún kù tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Púrodúsà ní sitúdíò fi ariwo ọjà sábẹ́ orin, ẹ̀rọ ìlọta, ìwo mọ́tò, ẹni tó ń pe "ẹ̀yìn o, ẹ̀yìn o". Lórí àwọn sípíkà ńlá rẹ̀, bí ẹni wà ní Bódìjà gan-an ni. Mo gbé e padà sínú Máíkírà (dírẹ́bà mìíràn o, ojú ń tì mí lọ́dọ̀ tàkọ́kọ́), fèrèsé ṣí sílẹ̀, ariwo ìta wọlé wá bá ariwo inú, "ta" àti "tà" bá dọ́gba létí mi. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo jíńgù rọ̀ mọ́ ti rì. A yọ ẹ̀rọ ìlọta kúrò, a fi ariwo díẹ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀ nìkan, a jẹ́ kó dákẹ́ kí lílé tó wọlé. Mo bi dírẹ́bà pé kí ló gbọ́. Ó ní, "Wọ́n ní ata ń ta, wọ́n tún ní ó ń tà." Mo san owó mọ́tò, mi ò gba ṣéńjì.

Ó ti lé ní oṣù mẹ́ta tó ti ń lọ. Àwọn ọmọ tó ń ti ọmọlanke nínú ọjà ló kọ́kọ́ gbà á lẹ́nu wa, tí wọ́n bá ti kọjá ní ìsọ̀ Màmá ọ̀kan á ní "ata wa ń ta", èkejì á ní "ata wa ń tà". Mo wá rò pé iṣẹ́ mi parí, àfi bí Màmá ṣe pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, òjò ti ń rọ̀ gan-an nígbà yẹn. Ó ní alásè kan dá rodo padà, pé lórí rédíò wọ́n ní ó ń ta, òun se é, kò ta. Màmá ní ata òjò ni, omi ti pọ̀ jù lára ẹ̀, bó ṣe máa ń rí nìyẹn, tó bá yá á padà sípò. Ó wá bi mí bóyá a lè yọ ìlà tàkọ́kọ́ yẹn kúrò títí òjò á fi dá.

Mo ní Màmá, tá a bá yọ ọ́, "ata wa ń tà" nìkan ló máa kù.

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ìyẹn náà ò tà tó bó ṣe yẹ lọ́sẹ̀ yìí."